Èlé báńkì àti owó ọ̀la: ẹ má pò wọ́n pọ̀

Ìjọba kéde pé ọ̀wọ́ngógó ọjà dé 34.80% ní oṣù Kejìlá 2024. Irú àkókò yẹn ni àṣìṣe kan máa ń ba ìṣirò okòwò jẹ́.

Ká ní ẹnì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé l'Ọ́pẹ̀bí fẹ́ ra ẹ̀rọ ₦1,000,000. Tó bá yọ ìnáwó, ẹ̀rọ náà á mú ₦600,000 wá lọ́dún fún ọdún méjì, ní iye owó òní. Èlé báńkì jẹ́ 32%, òun sì rò pé ọ̀wọ́ngógó á jẹ́ 25%. Ó fi 1.32 pín owó ọdún kìíní, ó fi pín ti ọdún kejì lẹ́ẹ̀mejì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ₦799,000. Ó ní àdánù ni, ó sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀.

Ibi tó ti ṣìnà nìyí: ọ̀wọ́ngógó ti wà nínú 32% yẹn, torí báńkì mọ̀ pé agbára náírà á dínkù. Kò sí nínú ₦600,000. Ó yẹ kó kọ́kọ́ gbé owó náà sókè sí ₦750,000, lẹ́yìn náà ₦937,500. Tó bá wá pín wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, á rí nǹkan bíi ₦1,106,000. Ẹ̀rọ náà mà lérè!

Ó sì lè fi ₦600,000 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò nínú èlé: 1.32 ÷ 1.25 = 1.056. Ìdáhùn kan náà ló máa rí. (Ẹ má kàn yọ 25 kúrò nínú 32 o. Èlé gidi jẹ́ 5.6%, kì í ṣe 7%.)

Àmọ́ tó bá ti bá oníbàárà ṣàdéhùn pé iye kan náà ni wọ́n á máa san fún ọdún méjì, owó rẹ̀ kò ní gòkè. Nígbà yẹn, ₦799,000 ló súnmọ́ òótọ́. Tí íńkì àti bébà bá tún wọ́n sí i, kò tiẹ̀ ní tó bẹ́ẹ̀.