Ohun tí lẹ́tà olùkọ́ lè jẹ́rìí sí

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ṣì máa ń wá bá mi ní Ayépé gba lẹ́tà ìjẹ́rìí tí wọ́n bá fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ láàbù ìṣègùn. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́ ni kí n kọ ọ́ pé ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n sì mọ̀wé. Ó dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹni tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ ò lè tibẹ̀ mọ̀ bóyá ọwọ́ ọmọ náà ṣeé gbára lé.

Ẹ wo ti ọmọbìnrin kan tó gboyè maikirobáọ́lọ́jì, tí mo kọ́ fún ọdún méjì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun kan ṣoṣo ni mo dì mú nínú lẹ́tà rẹ̀: bó ṣe kun kòkòrò àìfojúrí lọ́dà lọ́nà ti Gíráámù. Ẹ rántí ìlànà rẹ̀: kírísítà fáyólẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú kan, áyódíìnì fún ìṣẹ́jú kan, ká fi ọtí líle ṣàn án fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ká wá fi sáfíráníìnì parí ẹ̀. Ibi ọtí yẹn ni wàhálà wà. Bó bá pẹ́ jù lórí gíláàsì, kòkòrò tó yẹ kó dúró ní àwọ̀ elésè àlùkò á ṣí, á wá di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Irú èsì bẹ́ẹ̀ lè ṣi dókítà lọ́nà nígbà tó bá ń yan oògùn.

Mo kọ ọ́ báyìí:

“Ó rí kòkòrò roboto tó ṣù jọ bí èso àjàrà, pupa sì ni gbogbo wọn. Kò kọ èsì sílẹ̀. Ó mú Sitafilokókọ́ọ̀sì àti Ì Kólì tí a ti mọ̀ dájú, tí a gbìn lálẹ́ àná, ó sì kun àwọn náà lọ́dà. Nígbà tí Sitafilokókọ́ọ̀sì yẹn náà yọ pupa, ó mọ̀ pé ọtí ló pẹ́ jù. Ó dín àkókò rẹ̀ kù, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ó sì kọ méjèèjì sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Kò ya ojú ìwé àkọ́kọ́ dànù.”

Ìdí tí mo fi dárúkọ àná ni pé kòkòrò tó bá ti gbó lórí àwo lè yọ pupa bí ọtí ò tiẹ̀ pẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ yóò béèrè.

Mo tún kọ ibi tí ẹ̀rí mi parí sí: láàbù ìkẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti rí i, mi ò rí i rí níbi tó ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ aláìsàn wò. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2003 fa àwọn onímọ̀ láàbù ìṣègùn lé àjọ tiwọn lọ́wọ́. Oyè maikirobáọ́lọ́jì nìkan kò fúnni ní ìwé àṣẹ wọn. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún wà fún un. Bí mo bá kọ ọ́ pé ó ti lè fọwọ́ sí èsì aláìsàn, irọ́ ni, lẹ́tà náà á sì ba tirẹ̀ jẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń bọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwé iṣẹ́ láàbù yín dání, pàápàá ojú ìwé tí nǹkan ò ti lọ bó ṣe yẹ.