Ìwé Ìránnilétí Kejì: Ọ̀rọ̀ Tó Dúró Ṣinṣin Láì Bú Ẹnikẹ́ni

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Òwe yìí ṣòro láti tẹ̀ lé nígbà tí a bá ti kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ mínísítà, tí a tún rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì dá wa lóhùn. Bí a bá fi ìwé kẹta pariwo, akọ̀wé tó kọ́kọ́ kà á yóò gbé e sábẹ́ gbogbo ìwé yòókù. Bí a bá sì tún bẹ̀bẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá, yóò mọ̀ pé kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá dákẹ́. Àárín méjèèjì ni ìwé ìránnilétí kejì gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Àpẹẹrẹ kan ni a ó fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ro ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé kan nítòsí Kétu. Kíláàsì 6 ni ó ní, olùkọ́ 3 péré ni ó sì wà níbẹ̀. Olùkọ́ kan ṣoṣo ní ń kọ́ kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà pọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ 41 tó wà ní kíláàsì kẹfà ni yóò ṣe ìdánwò àṣejáde ní òpin ọdún. Ẹgbẹ́ àwọn òbí kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ mínísítà ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, wọ́n sì rán wọn létí ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá. Oṣù kejìlá wọlé, èsì kò dé.

Kí wọ́n tó tún mú kálàmù, ó yẹ kí wọ́n wádìí bóyá ilẹ̀kùn tó tọ́ ni wọ́n ń kàn. Bí ó bá jẹ́ òrùlé ilé-ìwé ni afẹ́fẹ́ ká lọ, ọ́fíìsì mẹ́rì ni ìbá tọ́ kí wọ́n lọ, nítorí òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fi kíkọ́ àti títún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe lé kọ́múnù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olùkọ́ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mínísítà. Ilẹ̀kùn náà tọ́.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kan lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé wọlé. Ẹ̀dà méjì ni a máa ń mú lọ nígbà tí a bá ń fi ìwé sílẹ̀. Wọ́n á mú ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí èkejì, wọ́n á kọ ọjọ́ àti nọ́mbà ìforúkọsílẹ̀ sí i. Nọ́mbà yìí ni ojú tí a fi ń wá ìwé. Ẹni tó bá mú un dání lè béèrè pé, “Ọ́fíìsì wo ni ìwé wa wà báyìí?” Nígbà mìíràn, ìwé tí a rò pé wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ti lọ sí ọ́fíìsì ẹkùn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ibẹ̀ sì ni ìránnilétí yẹ kó lọ. Bí nọ́mbà kò bá sí, kí a tún fi ẹ̀dà ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀, kí a gba òǹtẹ̀ sí i, nítorí a kò lè fi ẹ̀rí mú ẹnikẹ́ni pé ó gbà á.

Nínú ìwé náà, ọjọ́ ni yóò ṣe iṣẹ́ tí ìbínú fẹ́ ṣe. Ẹni tó kọ ọ́ pé, “Ó hàn gbangba pé ẹ kò ka àwọn ọmọ wa sí,” ti sọ ohun tí kò lè fi hàn, ó sì ti fún ẹni tí ń kà á ní ohun tí yóò fi jiyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá èyí jiyàn: “A fi ìwé wa sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá, a sì rán yín létí ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá. Nọ́mbà méjèèjì wà lókè ìwé yìí. A kò tíì rí èsì gbà títí di òní”? Kò bú ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ kò sí ibi tí a lè gbà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí a má sì gé ìkíni àti ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ìparí kúrú. Ẹni tó bá rí i pé ọ̀wọ̀ ti dín sí ti ìwé àkọ́kọ́ yóò kà á sí àfojúdi kí ó tó dé orí ọ̀rọ̀ gan-an.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàánú wa” kò ní èsì kan pàtó. Kí a béèrè ohun tí òṣìṣẹ́ kan lè dáhùn láì kúrò lórí àga: “Ǹjẹ́ ẹ ti yan olùkọ́ kún àwọn tó wà ní ilé-ìwé wa? Bí ẹ bá ti yàn án, ọjọ́ wo ni yóò dé? Bí ẹ kò bá tíì yàn án, kí ni ó ń dá a dúró?” Èsì tí kò dára pàápàá yóò wúlò, nítorí a ó mọ ibi tí a ó gbà.

Níparí, kí a sọ ohun tí a ó ṣe àti ọjọ́ tí a ó ṣe é. “Bí ẹ kò bá fèsì, ẹ ó rí i” jẹ́ ìhalẹ̀, nítorí ohun tí yóò dé bá ẹlòmíràn ni ó ń sọ. Ohun tí àwa fúnra wa yóò ṣe ni ìfitónilétí ń sọ: “Bí a kò bá rí èsì títí di ọjọ́ 5 oṣù kìn-ín-ní, a ó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Onílàjà Orílẹ̀-èdè, a ó sì fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí yín.” Bí a bá dá ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí a pa á mọ́. Ẹgbẹ́ tó bá jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá lásán ti kọ́ ọ́fíìsì náà pé ọjọ́ àwọn kò ní ìtumọ̀.

Onílàjà yìí ni àwọn elédè Faransé ń pè ní Mẹdiatọ̀, òfin ọdún 2009 ni ó dá ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn àwọn ará ìlú lórí iṣẹ́ ìjọba ni ó ń gbọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ tọ ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ kàn lọ. Ìmọ̀ràn ni ó ń fún ìjọba, kì í pàṣẹ, kì í sì í dá sí ohun tó wà níwájú ilé ẹjọ́. Nítorí náà, ìwé tí a ó kọ sí i kò nílò ẹ̀sùn. Ojú-ewé kan tó: ohun tí a béèrè, ọjọ́ mẹ́ta tí a béèrè rẹ̀, àti ìrànlọ́wọ́ tí a ń fẹ́, èyí tíí ṣe pé kí ó bá wa gba èsì. Kí a so ẹ̀dà ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ní òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ mínísítà, kó má bàa dà bí ẹni pé a lọ sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Bí a bá fẹ́ fẹjọ́ ọmọ sun baba, a máa ń jẹ́ kí ọmọ náà mọ̀.

Ibì kan wà tí ìránnilétí kò ti tó. Bí ó bá jẹ́ ìpinnu kan tí aláṣẹ ti ṣe lórí ẹnì kan ni a ní kí ó yí padà, tí ó sì dákẹ́ ju oṣù 2 lọ, òfin ka ìdákẹ́ náà sí ìkọ̀sílẹ̀, àkókò tí a lè fi lọ sílé ẹjọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀. Kí onítọ̀hún má ṣe fi ìránnilétí jẹ ọjọ́ rẹ̀ tán. Kí ó wá agbẹjọ́rò.

Ní ti ẹgbẹ́ òbí wa, bí èsì bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀wé sí Onílàjà, ìwé kan ṣì kù. Kí wọ́n sọ fún un pé olùkọ́ ti dé, kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó rán olùkọ́ náà. Ọ́fíìsì yẹn ni wọn yóò tún kọ̀wé sí ní ọdún tí ń bọ̀.