Ta Ló Ni Owó Tó Lé Lórí Ilẹ̀?

Onílẹ̀ ní mílíọ̀nù 12 náírà lòun fẹ́ ta pulọ́ọ̀tì òun. Ajẹ́ǹtì lọ wá oníbàárà tó san mílíọ̀nù 15. Mílíọ̀nù mẹ́ta tó lé yìí, àpò ta ló yẹ kó wọ̀? Ọ̀pọ̀ ajẹ́ǹtì ni yóò dáhùn pé tàwọn ni, torí pé ẹnu àwọn ló mú un wá. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ni kò sì ní gbọ́ láé pé owó kankan lé. Òfin ò sí lẹ́yìn irú ajẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ bá rán lọ bá yín ta ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni gbogbo iye tí ilẹ̀ náà bá pa, àyàfi tí ẹ bá ti gbà á fún un, tí ẹ sì mọ ohun tí ẹ gbà.

Ká ní ìyá opó kan ló ni pulọ́ọ̀tì náà, ní Àkóbọ̀ n'Ìbàdàn, ilẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 100. Ó sọ fún ajẹ́ǹtì àdúgbò pé mílíọ̀nù 12 lòun ń wò, pé òun yóò sì fún un ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye tó bá tà á. Tí ilẹ̀ bá pa mílíọ̀nù 15, kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ di 750,000 náírà, màmá a sì gba 14,250,000. Iye tí ilẹ̀ pa gan-an ni a ń fi ṣírò rẹ̀, kì í ṣe iye tí màmá kọ́kọ́ dá lé e. Bó bá jẹ́ pé owó kan pàtó ni wọ́n jọ sọ, bíi 600,000, 600,000 náà ló máa gbà, bí ilẹ̀ ì báà pa mílíọ̀nù 20.

Ẹ wo ibi tí ìdánwò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ajẹ́ǹtì yẹn bá tà á ní mílíọ̀nù 12, 600,000 ni tirẹ̀. Gbogbo wàhálà tó ṣe láti fa iye náà dé 15 kò fi ju 150,000 lọ kún un. Ó ń wo mílíọ̀nù mẹ́ta tó ń kọjá lọ níwájú rẹ̀, ó sì ń rò ó pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló kàn òun nínú rẹ̀. Mi ò dá a láre tó bá jí i kó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí àdéhùn rẹ̀ dúró, ó yẹ kó ronú sí ibẹ̀ yẹn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ajẹ́ǹtì fi fẹ́ràn àdéhùn mìíràn. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ sá sọ iye tí ẹ fẹ́ gbà sọ́wọ́ fún mi, ẹ jẹ́ kí n lọ wá tèmi lé e." Bí màmá bá gbà bẹ́ẹ̀, mílíọ̀nù 12 ni tirẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́ta ni ti ajẹ́ǹtì, kò sì sí kọmíṣọ́ọ̀nù mìíràn lórí rẹ̀. Àdéhùn tó bófin mu ni. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni ohun tí ajẹ́ǹtì mọ̀ tí kò sọ. Bó bá ti mọ̀ pé mílíọ̀nù 15 ni wọ́n ń ta pulọ́ọ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí pé ẹni tó máa san án ti wà nílẹ̀, tó wá dákẹ́ kí màmá lè fẹnu kó sí mílíọ̀nù 12, ó ti da ẹni tó rán an. Màmá lè pè é lẹ́jọ́ kó bi í léèrè owó tó lé, torí pé ẹni tí wọ́n fi òótọ́ pamọ́ fún kò tíì gba nǹkan kan.

Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1903, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Andrews àti Ramsay. Onílé kan gbé ilé fún ajẹ́ǹtì láti bá a tà, ó sì ṣe àdéhùn 50 pọ́n-ùn fún un. Ajẹ́ǹtì náà tún lọ gba 20 pọ́n-ùn ní bòókẹ́lẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Nígbà tí àṣírí tú, ó dá 20 pọ́n-ùn padà fún onílé. Onílé ò dúró síbẹ̀, ó ní kí wọ́n dá 50 pọ́n-ùn náà padà fún òun, ilé ẹjọ́ sì dá a láre. Ìlànà tó wà nídìí ẹjọ́ yẹn, pé ajẹ́ǹtì ò gbọdọ̀ jèrè ní ìkọ̀kọ̀ lórí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ni àwọn ilé ẹjọ́ wa náà ń tẹ̀ lé. Ajẹ́ǹtì tó bá fi mílíọ̀nù mẹ́ta pamọ́ lè pàdánù 600,000 tó tọ́ sí i mọ́ ọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro. Ajẹ́ǹtì kò ní jẹ́ kí onílẹ̀ àti olùrà fojú kan ara wọn. Yóò ní onílẹ̀ ń ṣàìsàn, tàbí pé olùrà wà lókè òkun. Inú àkáǹtì tirẹ̀ ni owó á kọ́kọ́ wọ̀, a wá yọ mílíọ̀nù 12 níbẹ̀ fún màmá. Nígbà mìíràn, rísíìtì méjì ló máa wà, èyí tí olùrà gbà tó ní mílíọ̀nù 15, àti èyí tí màmá fọwọ́ sí tó ní 12. Olùrà gan-an ò bọ́ níbẹ̀. Bí ẹbí mìíràn bá wá gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la, mílíọ̀nù 12 tó wà nínú ìwé tí màmá fọwọ́ sí ni màmá yóò sọ pé òun gbà. Mílíọ̀nù mẹ́ta tó kù, ọwọ́ ajẹ́ǹtì ni kó ti lọ máa wá a. Nítorí náà, kí olùrà sanwó tààrà sínú àkáǹtì onílẹ̀, kí onílẹ̀ sì bi olùrà fúnra rẹ̀ pé, "Èló lẹ san?" kó tó fọwọ́ sí ìwé tí lọ́yà kọ.

Àdéhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù ni èyí tó pín owó tó lé. Kí màmá sọ pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni tìẹ títí dé mílíọ̀nù 12, ohun tó bá sì lé, ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni tìẹ. Lórí mílíọ̀nù 15, ajẹ́ǹtì a gba 600,000 àti 600,000 mìíràn, ó di 1,200,000. Màmá a mú 13,800,000 lọ sílé. Ó gbà ju mílíọ̀nù 12 tó fẹ́ lọ dáadáa, ajẹ́ǹtì náà sì rí ìdí tó fi yẹ kó dúnàá dúrà fún un, láìfi nǹkan kan pamọ́. Ojú ewé kan ti tó láti kọ ọ́ sí. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé bí ajẹ́ǹtì mìíràn bá bá a wá oníbàárà, inú owó rẹ̀ ni yóò ti fún onítọ̀hún, torí ajẹ́ǹtì mẹ́ta, mẹ́rin máa ń so mọ́ ilẹ̀ kan ṣoṣo, olúkúlùkù a sì máa fi tirẹ̀ lé iye náà títí olùrà á fi sá.

Àwọn onílẹ̀ kan náà wà tó ń rẹ́ ajẹ́ǹtì jẹ. Wọ́n á jẹ́ kó mú olùrà wá, wọ́n á wá yí sẹ́yìn lọ bá olùrà náà parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n má baà san kọmíṣọ́ọ̀nù. Bí ajẹ́ǹtì bá lè fi hàn pé òun lòun mú ẹni tó ra ilẹ̀ náà wá, pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní orúkọ olùrà àti ọjọ́ tí wọ́n jọ lọ wo ilẹ̀, kọmíṣọ́ọ̀nù rẹ̀ dúró lórí iye tí wọ́n tà á, ì báà ju iye tí onílẹ̀ dá lé e lọ. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kékeré, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2018, ń gba gbèsè tí iye rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Kí ó tó lọ síbẹ̀, yóò kọ́kọ́ kọ ìwé bèèrè owó náà lọ́wọ́ onílẹ̀, kó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.