Àmì Dúdú Bíńtín Tó Ń Já Bírékà

Ọmọ iṣẹ́ oníná kan fi fóònù ya àwòrán wáyà inú ìwé suwíìṣì àtẹ̀gùn, irú èyí tí a fi ń tan gílóòbù kan ní ìsàlẹ̀, tí a sì ń pa á ní òkè. Ó so wáyà gẹ́gẹ́ bí ojú rẹ̀ ṣe rí i. Nígbà tí suwíìṣì ìsàlẹ̀ wà ní apá kan, iná ń tàn, ó sì ń kú bó ṣe yẹ. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ sí apá kejì, bírékà já.

Ibi tí ìlà méjì ti pàdé nínú àwòrán ló ṣì í lọ́nà. Ìlà lè gba orí ìlà kọjá láì kàn án, bí ọ̀nà tó gba orí afárá. Bí wáyà méjèèjì bá so pọ̀ lóòótọ́, ayàwòrán a fi àmì dúdú róbótó sí oríta náà. Nínú fọ́tò ọmọkùnrin yìí, ìdọ̀tí bíńtín bọ́ sórí oríta tí kò ní àmì, ó sì pè é ní ìsopọ̀.

Ẹ jẹ́ ká tọpa iná náà. Wáyà iná wọ COM suwíìṣì ìsàlẹ̀. L1 lọ bá L1 ti òkè, L2 lọ bá L2. COM ti òkè ló lọ sí gílóòbù, níútírà sì wọ apá kejì gílóòbù. Ìlà níútírà ló kọjá lórí ìlà L1 nínú àwòrán. Ọmọ iṣẹ́ so wọ́n pọ̀, nítorí náà nígbà tí suwíìṣì ìsàlẹ̀ bá kọjú sí L1, iná pàdé níútírà láì gba inú gílóòbù kọjá. Bírékà kò ní ohun mìíràn tó lè ṣe ju kó já lọ.

Kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀, tẹ́ ìwé náà pẹrẹsẹ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí o sì ya gbogbo ojú ewé, títí kan igun tí wọ́n ti túmọ̀ àwọn àmì. Bí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, fi í ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì, torí fọ́tò lásán máa ń fún pọ̀, àmì kékeré sì lè pòórá.

Kí o tó tan iná, pa bírékà ńlá, kí o fi ẹ̀rọ ìdánwò rí i dájú pé iná ti kú. Yọ gílóòbù, tú wáyà iná àti níútírà ọ̀nà náà kúrò níbi bírékà, kí o sì fi ẹnu mítà méjèèjì kàn wọ́n níbi tó ti máa ń dún. Yí suwíìṣì méjèèjì sí ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá dún ní ipò kankan, padà sí oríta inú àwòrán yẹn.