Fóònù Tó Gbọ́ Ti Niu Yọ́ọ̀kì, Tí Kò Gbọ́ Ti Lọ́ńdọ̀nù

Ní 2012, ilé-iṣẹ́ Apple gbé Áífóònù 5 jáde. Nọ́ńbà A1428 ló wà lẹ́yìn èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn oníbàárà AT&T ní Amẹ́ríkà, bándì méjì péré ni 4G inú rẹ̀ sì mọ̀: 4 àti 17. Lóṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, EE ṣí 4G àkọ́kọ́ ní Bìrìtéènì lórí 1800 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bándì 3. Ẹni tó bá gbé A1428 dé Lọ́ńdọ̀nù á pe ìpè, á lo 3G, ṣùgbọ́n kò ní fojú kan 4G. Fóònù náà kò bàjẹ́. Etí rẹ̀ ni kò débẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, àwọn mìíràn ti pín ojú òfúrufú láàárín ara wọn. Amẹ́ríkà gba ìkànnì 70 sí 83 lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ sì ni fóònù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ṣikágò ní 1983 jókòó sí. Ní Yúróòpù, àyè tẹlifíṣọ̀n dé 862 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá gbé GSM lọ sí 900. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní 2001, ọ̀nà Yúróòpù la tọ̀: 900 àti 1800.

Nígbà tó yá, tẹlifíṣọ̀n kó kúrò lórí 700 náà; Amẹ́ríkà parí tirẹ̀ ní 2009. Páálí fóònù méjì lè jọ kọ “700” síbẹ̀, kí wọ́n má gbọ́ ara wọn yé. Ìdí ni pé ibì kan ni fóònù ti ń sọ̀rọ̀, ibòmíràn ni òpó ti ń dá a lóhùn. Ní bándì 12 ti Amẹ́ríkà, láàárín 729 sí 746 ni òpó ti ń sọ̀rọ̀. Ní bándì 28, tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, àwọn fóònù ló ń sọ̀rọ̀ láti 703 sí 748, òpó sì ń dáhùn láti 758 sí 803. Fóònù tó bá mọ 12 nìkan tẹ́tí síbi tí àwọn fóònù ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pariwo.

Ìgbì kékeré bíi 700 àti 800 ló ń rìn jìnnà, òun ló sì ń wọ inú ògiri dáadáa. 1800 àti 2600 kò tó o. Ìdí nìyẹn tí fóònù tòkunbọ̀ kan fi lè mú 4G níta, nítòsí òpó, tí yóò sì padà sí 3G bí olówó rẹ̀ bá ti wọ yàrá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló sì máa ń gba èébú rẹ̀! Kò sí àtúnṣe orí fóònù tó lè wò ó sàn, torí àwọn asẹ́ kéékèèké inú ẹ̀rọ náà ló ń mú ìgbì kan wọlé, tí wọ́n sì ń dá òmíràn dúró. Bí wọn kò bá fi asẹ́ bándì kan sí i, ó parí.

Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Samsung, ẹni tó bá tẹ `*#0011#` á rí bándì tó ń lò lọ́wọ́. Kó tó sanwó, kó wo nọ́ńbà ẹ̀yìn fóònù, kó sì wá 3, 7, 20 àti 28 nínú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Orúkọ àti ìrísí kò tó. Áífóònù 5 mìíràn wà, A1429, tí wọ́n kọ́ bándì 3 mọ́. Wọ́n jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n èyí gbọ́ Lọ́ńdọ̀nù.