Ègbè Tó Tètè Dé

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, Paris ni àwọn Beatles wà, tí wọ́n ń ṣeré lálaalẹ́. Nínú àyè díẹ̀ tí wọ́n rí, wọ́n wọ sítúdíò Pathé Marconi lọ gba orin tuntun kan tí Paul McCartney kọ sílẹ̀, ìyẹn "Can't Buy Me Love". Bó ṣe gbé e wá, ẹsẹ ni orin náà fi bẹ̀rẹ̀. George Martin, tó ń darí ìgbohùnsílẹ̀ wọn, gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n mú ègbè wá síwájú, kó jẹ́ òun ni etí yóò kọ́kọ́ pàdé. Wọ́n gbà fún un. Nígbà tí àwo náà jáde lóṣù kẹta, ó gba ipò kìn-ín-ní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àbá yẹn nìkan ló gbé e débẹ̀, nítorí ohunkóhun tí àwọn ọmọkùnrin yẹn bá gbé jáde lọ́dún náà ni ayé ń rà. Ṣùgbọ́n àbá náà fi ohun tí àwọn tó ń ṣe orin jáde máa ń rò hàn kedere: ta ni yóò dúró títí ègbè yóò fi dé?

Orin ìwòyí sábà máa ń ní apá mẹ́ta. Ẹsẹ ni ibi tí ìtàn wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì máa ń yí padà nígbà kejì. Ègbè ni gbogbo ènìyàn mọ̀, tí í padà wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà àti ohùn kan náà. Láàárín méjèèjì ni apá kúkúrú kan wà tí àwọn ọmọ sítúdíò ń pè ní pirí-kọ́rọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé olùgbọ́ láti inú ìtàn lọ sẹ́nu ọ̀nà ègbè, kí ègbè sì ti máa wù ú gbọ́ kó tó dé. Ohun tí wọ́n ń pè ní húùkù wá ni gbólóhùn tàbí ohùn tó máa ń lẹ̀ mọ́ni létí, èyí tí ènìyàn á máa fi imú kọ lọ sílé. Inú ègbè ló sábà máa ń wà, àmọ́ kò di dandan.

Ìkánjú yìí ti wá le sí i. Onímọ̀ orin kan, Hubert Léveillé Gauvin, wo àwọn orin tó wọ ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà láti 1986 dé 2015. Ó rí i pé ìlù àti gìtá tí wọ́n fi ń ṣáájú ohùn olórin, tó máa ń gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá 20 lọ lọ́jọ́ sí, ti wálẹ̀ sí bí márùn-ún. Lórí Spotify, ẹni tó bá gbọ́ orin fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 nìkan ni wọ́n ń kà mọ́ olórin lọ́wọ́. Ẹni tó bá fò ó kọjá ní ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, bí ẹni tí kò gbọ́ rárá ni.

Ọ̀dọ̀ tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Fẹlá lè fi sáfẹ́fẹ́ àti ìlù ṣe ìṣẹ́jú bíi mélòó kan kó tó lanu, kò sì sẹ́ni tó ń bínú, torí ijó làwọn ènìyàn wá jó. Ní ti King Sunny Adé, ojú kan àwo rẹ̀ lè jẹ́ orin kan ṣoṣo tí kò dáwọ́ dúró. Nígbà tí iléeṣẹ́ Island gbé àwo rẹ̀ "Juju Music" jáde fún àwọn ará òkè òkun ní 1982, orin méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tò sínú rẹ̀. Olóde aríyá kò mọ̀ nípa aago. Oníṣòwò àwo mọ̀ ọ́n dunjú.

Ẹ jẹ́ ká wá mú orin kan ká tò ó. Ká ní orin ìfẹ́ ni, ọkùnrin kan ń ti Ìbàdàn bọ̀ wá bá ìyàwó rẹ̀ l'Ékòó, húùkù rẹ̀ sì ni "Mo ti dé o, ṣílẹ̀kùn fún mi". Ìlù rẹ̀ ń lù lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá kó ìlù mẹ́rin-mẹ́rin jọ, èyí tí wọ́n ń pè ní báà, báà kọ̀ọ̀kan yóò gba ìṣẹ́jú-àáyá méjì àbọ̀. Òǹkọ̀wé orin náà kọ́kọ́ tò ó báyìí: gìtá nìkan fún báà mẹ́jọ, ẹsẹ fún báà mẹ́rìndínlógún, pirí-kọ́rọ́ọ̀sì fún báà mẹ́jọ. Ìyẹn ni ogún ìṣẹ́jú-àáyá, ogójì, àti ogún mìíràn. Ìṣẹ́jú kan àti ogún ìṣẹ́jú-àáyá ti lọ kí ọkùnrin yìí tó sọ pé òun ti dé. Nígbà tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá Spotify bá pé, ẹsẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Inú ẹsẹ ni kí a kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ó sọ bó ṣe di ẹrù, ó sọ bó ṣe wọ mọ́tò ní Ìwó Road, ó sọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó pàdé ní Berger, ó sì sọ pé bátìrì fóònù òun ti kú. Méjì àkọ́kọ́ kò mú ìtàn kúrò lójú kan: ẹni tó bá wà ní Berger, a mọ̀ pé ó ti di ẹrù, ó ti wọ mọ́tò. Méjì tó kẹ́yìn ló ní ìnira nínú, àwọn ló sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn wù wá kó ṣí. Nítorí náà ẹsẹ di báà mẹ́jọ. Gìtá ìbẹ̀rẹ̀ di báà méjì péré, kó sì jẹ́ ohùn húùkù gan-an ni gìtá yóò ta, láìsí ọ̀rọ̀, kí etí ti mọ̀ ọ́n kí ẹnu tó kọ ọ́. Pirí-kọ́rọ́ọ̀sì di mẹ́rin. Márùn-ún, ogún, mẹ́wàá: ègbè wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá 35. Lọ́nà kan, olùgbọ́ ti gbọ́ húùkù láti ìṣẹ́jú-àáyá kìn-ín-ní.

Àwọn kan yóò béèrè pé kí ló dé tí a kò kúkú yọ pirí-kọ́rọ́ọ̀sì kúrò, kí ègbè dé ní ìṣẹ́jú-àáyá 25. Ó ṣeé ṣe, orin púpọ̀ ni kò sì ní in. Ṣùgbọ́n ègbè tó bá wọlé láìsí ẹni tó ń retí rẹ̀ kì í dùn tó bẹ́ẹ̀. Báà mẹ́rin yẹn ló ń pèsè ìrètí náà, àwọn ohun tó sì fi ń pèsè rẹ̀ ṣeé fọwọ́ bà. Ẹni tó bá kọrin ní kúáyà yóò mọ dò, fà àti sọ. Kọ́ọ̀dù dò ni ilé; ibẹ̀ ni etí ti ń sinmi. Ẹsẹ lè máa lọ, kó máa bọ̀ ní dò, àmọ́ nínú pirí-kọ́rọ́ọ̀sì kí a má ṣe fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rárá. Kí a lọ sí fà, kí a lọ sí sọ, kí a padà sí fà, kí a sì dúró sórí sọ. Etí yóò máa wá ilé, ègbè ni yóò sì kọ́kọ́ fi dò kí i káàbọ̀. Ẹni tó ń lu ìlù yóò yọ dọ́ọ̀mù ńlá kúrò fún báà mẹ́rin náà, kó fi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan sílẹ̀. Ní ìlù tó gbẹ̀yìn, kí gbogbo nǹkan dákẹ́ wáí. Ọ̀rọ̀ náà yóò kúrú sí i, kó jẹ́ kíkanlẹ̀kùn àti pípè orúkọ. Ìtàn kò gbọdọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin kì í bá pàdé. Pirí-kọ́rọ́ọ̀sì sábà máa ń gòkè, ohùn á máa ga sí i títí ègbè. Nínú èdè Yorùbá, ohùn tó bá gòkè lórí sílébù tó yẹ kó wálẹ̀ yóò ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹ gbé "ṣílẹ̀kùn" sórí ohùn tó ń gun òkè lọ, ohun tí àwọn ará ilé yóò gbọ́ ni pé ilẹ̀ kún. Nítorí náà kí òǹkọ̀wé wá ọ̀rọ̀ tó ti ní ohùn òkè nínú fún ibi tí orin ti ń gòkè, bíi "dé", "wá", "gbọ́", kó sì jẹ́ kí "ṣílẹ̀kùn" bọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìdí kan náà ni ọgbọ́n kan tí Max Martin ará Sweden fẹ́ràn fi ṣòro fún wa. Ó ní òun kọ́ ọ lára Prince: kí ohùn ẹsẹ àti ohùn ègbè jẹ́ ọ̀kan náà, kí ègbè lè dà bí ohun tí olùgbọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Tiwa gba kí ọ̀rọ̀ méjèèjì ní ohùn tó bára mu, ìyẹn sì lè gba odidi ọjọ́ kan lórí gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ jù ni pé kí pirí-kọ́rọ́ọ̀sì dùn ju ègbè lọ. Àmì rẹ̀ kò ṣòro mọ̀. Kọ orin náà fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, kí o ní kó fi imú kọ ohun tó rántí lọ́jọ́ kejì. Bó bá kọ pirí-kọ́rọ́ọ̀sì, orí ègbè ló ń ṣiṣẹ́ lásán yẹn. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé olórin ti lo ohùn rẹ̀ tó ga jù lọ kó tó dé ègbè. Tí a bá mú un wálẹ̀ díẹ̀ nínú pirí-kọ́rọ́ọ̀sì, ègbè á rí ibi tí yóò gùn. Ọ̀nà mìíràn tó tún ń bà á jẹ́ ni kí gbogbo ohun èlò ti máa ké láti báà àkọ́kọ́. Kò ní sí ohun tó kù tí ègbè lè fi wọlé.

Òfin aago yìí náà ní ibi tó mọ. Quincy Jones fẹ́ gé ìbẹ̀rẹ̀ "Billie Jean" kúrú ní 1982, ó ní ó ti gùn jù. Michael Jackson kọ̀, ó ní apá yẹn ló ń mú kí ijó wu òun. Jackson ló jàre, torí gìtá béèsì tó ń lọ lábẹ́ ibẹ̀ jẹ́ húùkù fúnra rẹ̀. Ohun tó dára jù ti wọlé kí ohùn rẹ̀ tó dún. Àwọn ABBA gba àárín nínú "Dancing Queen" ní 1976: ìlàjì ègbè ni wọ́n fi ṣí orin, wọ́n wá lọ sí ẹsẹ, olùgbọ́ sì ń dúró de odidi rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ègbè àkọ́kọ́ rẹ̀, báà mẹ́jọ, parí ní ìṣẹ́jú-àáyá 55. Ẹsẹ kejì, tí ìyàwó ń dáhùn nínú rẹ̀, gba báà mẹ́jọ, pirí-kọ́rọ́ọ̀sì, mẹ́rin, ègbè, mẹ́jọ. A wà ní ìṣẹ́jú kan àti 45. Níbẹ̀ ni kí a dá nǹkan mìíràn tí a kò gbọ́ rí sílẹ̀, báà mẹ́jọ ti sáksófóònù tàbí ìlù gángan, kí ègbè má bàa sú ènìyàn torí pé ó tètè dé. Lẹ́yìn rẹ̀, ègbè lẹ́ẹ̀mejì. Báà mẹ́rin àkọ́kọ́ ti èyí tó ṣáájú jẹ́ ohùn olórin nìkan láìsí ohun èlò kankan, kí ìlù tó já wọlé. Gbogbo rẹ̀ parí ní ìṣẹ́jú méjì àti 45, a sì ti gbọ́ ègbè lẹ́ẹ̀mẹrin. Bó bá jẹ́ òde aríyá ni, kí olórin pa aago tì, kó kọ ìkarùn-ún.