Orí Karùn-ún Tí Kò Fẹsẹ̀ Múlẹ̀: Olùkọ́, Akẹ́kọ̀ọ́ àti Sáyánáídì Inú Gàrí

Orí kẹrin iṣẹ́ àṣekágbá kì í sábà yọ akẹ́kọ̀ọ́ fásitì lẹ́nu. Ó ti wọn ohun tó fẹ́ wọ̀n ní láàbù, ó ti ṣírò rẹ̀, ó sì ti tò ó sínú àtẹ. Orí karùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń jíròrò lórí àbájáde, ni iṣẹ́ ti máa ń bà jẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bi í pé kí ni ohun tó rí túmọ̀ sí, kí ló fà á, báwo ló sì ṣe dá a lójú tó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń tún iye orí kẹrin kà, tí wọ́n á fi orúkọ àwọn onímọ̀ mẹ́ta tì í lẹ́yìn, tí wọ́n á sì parí rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí olùkọ́ kan ṣe lè tún irú orí bẹ́ẹ̀ ṣe. Àpẹẹrẹ ni a fi ṣe é: olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan pàtó, àwa la sì ṣe iye inú àtẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wa. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ nípa ẹ̀gẹ́ àti gàrí tó wà níbẹ̀ kì í ṣe àròsọ.

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin náà ń kọ́ nípa ìmọ̀ oúnjẹ. Ó ra gàrí lọ́jà, ogójì ọ̀rá. Ogún jẹ́ ti àwọn tó sọ pé ọjọ́ kan ni ẹ̀gẹ́ rírin náà fi wà nínú àpò kí wọ́n tó yan án. Ogún yòókù jẹ́ ti àwọn tó ní ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó wá wọn sáyánáídì tó kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó yẹ ká ṣàlàyé ibi tí sáyánáídì ti wá. Ẹ̀gẹ́ tútù ní èròjà kan nínú tí wọ́n ń pè ní linamárìn. Bí a bá ti rin ẹ̀gẹ́, ẹ́ńsáímù inú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ yóò kan linamárìn yìí, yóò sì fọ́ ọ di èròjà mìíràn tó ń jẹ́ sayanohídírìn. Òun náà ló ń tú ká, tí sáyánáídì inú rẹ̀ á sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Codex, ìgbìmọ̀ tí FAO àti WHO jọ gbé kalẹ̀ lórí ìlànà oúnjẹ, fi ààlà sí i pé sáyánáídì inú gàrí kò gbọdọ̀ kọjá mílígíráàmù 2 nínú kílò kan.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ nìyí:

“Àbájáde iṣẹ́ yìí fi hàn pé ìpíndọ́gba sáyánáídì inú gàrí ọlọ́jọ́ kan jẹ́ 2.6, ti ọlọ́jọ́ mẹ́ta sì jẹ́ 1.5. Èyí bá ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣáájú sọ mu. Nítorí náà, kíkan ló ń pa májèlé inú gàrí. Gàrí ọlọ́jọ́ mẹ́ta kò léwu. Àìtó owó àti àkókò ni ìṣòro iṣẹ́ yìí. A nílò ìwádìí sí i.”

Olùkọ́ rẹ̀ kà á tán, ó sì gbé bírò lé gbólóhùn àkọ́kọ́.

“Níbo ni mo ti rí èyí rí?”

“Nínú Àtẹ 3, mà.”

“Kí lo tún wá ń kà á sí mi létí fún? Nígbà tí o ń lọ sọ́jà, kí lo fẹ́ mọ̀?”

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá sáyánáídì inú gàrí tó pẹ́ nínú àpò kéré sí ti èyí tí kò pẹ́.”

“Ó kéré àbí kò kéré?”

“Ó kéré, mà.”

“Ìyẹn ni kó ṣáájú. Ẹni tó ń ka orí karùn-ún ti ka orí kẹrin. Ìdáhùn ìbéèrè rẹ ló ń wá. Ó yá, ‘kíkan ló ń pa májèlé.’ Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ohun tí mo kà nínú ìwé ni, mà. Wọ́n ní àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń mú ẹ̀gẹ́ kan ló ń jẹ ẹ́.”

“O ka ti Vasconcelos?”

Kò kà á. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní 1990, Vasconcelos àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nípa bí májèlé ṣe ń kúrò nínú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe gàrí. Wọ́n rí i pé láàárín wákàtí mẹ́ta tí wọ́n rin ẹ̀gẹ́, ó kéré tán ìdá 95 nínú 100 linamárìn ti fọ́. Ní wákàtí mẹ́ta, ẹ̀gẹ́ náà kò tíì kan. Iṣẹ́ ẹ́ńsáímù ni, àwọn kòkòrò náà kò kó ipa kan gbòógì níbẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tó ta ko èrò akẹ́kọ̀ọ́ wa: bí ẹ̀gẹ́ rírin bá ṣe ń kan sí i ni sayanohídírìn ń ṣòro láti tú ká, torí pé kíkan máa ń dì í mú. Ooru agbada ni ó ń lé e jáde nígbà tí wọ́n bá ń yan gàrí.

“Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mà, àbájáde mi kò tọ̀nà nìyẹn?”

“Àbájáde rẹ tọ̀nà. Ìtumọ̀ tí o fún un ni kò tíì dúró. Ìyàtọ̀ wà láàárín gàrí méjèèjì, ohun tó fà á ni a ò tíì mọ̀. Yàtọ̀ sí iye ọjọ́, kí ló tún yà wọ́n sọ́tọ̀?”

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ronú díẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀, ó rí àtẹ kan tó ti gbàgbé sílẹ̀ níbẹ̀.

“Mo wọn omi inú wọn, mà. Ti ọlọ́jọ́ kan jẹ́ 12 nínú 100, ti ọlọ́jọ́ mẹ́ta jẹ́ 8.”

“Kí nìyẹn sọ fún ọ?”

“Pé ọlọ́jọ́ mẹ́ta gbẹ jù. Bóyá wọ́n fún omi rẹ̀ dáadáa, tàbí wọ́n yan án pẹ́.”

“Agbada tó lé omi lọ lè lé sáyánáídì lọ pẹ̀lú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé yíyan ni o wọ̀n, tí o sì pè é ní kíkan. Báwo la ṣe máa mọ̀? Nínú ọ̀rá ogún ti ọlọ́jọ́ kan, mélòó ló gbẹ bíi ti ọlọ́jọ́ mẹ́ta?”

“Mẹ́fà ni kò kọjá 9 nínú 100.”

“Ka sáyánáídì wọn.”

“1.4, 1.7, 1.5, 1.8, 1.3, 1.6.” Ó dákẹ́. “Kò sí èyí tó dé 2, mà.”

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí ló yẹ kí ẹni tó ń kọ ìjíròrò fi sọ́kàn. Olùkọ́ náà kò sọ fún un pé kó padà sí láàbù. Ó ní kó wá àlàyé mìíràn tó lè bí iye kan náà, kó wo ohun tí ó yẹ kó rí bí àlàyé ọ̀hún bá jẹ́ òótọ́, kó sì lọ wò ó nínú ohun tó ti wọ̀n tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ iye ọjọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, gàrí ọlọ́jọ́ kan tó gbẹ ì bá ṣì ní sáyánáídì púpọ̀ bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá mẹ́fà kéré jù láti fi dá ẹjọ́, olùkọ́ náà sì kìlọ̀ fún un pé “ó jọ pé” ni kó kọ, kó má kọ “ó dájú pé.”

Wọ́n dé ibi tó ti kọ ọ́ pé gàrí ọlọ́jọ́ mẹ́ta kò léwu.

“Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 1.5, mà, kò dé 2.”

“Ṣé ìpíndọ́gba lèèyàn ń rà lọ́jà? Nínú ogún, mélòó ló kọjá 2?”

Ó kà á. “Mẹ́rin.”

“Ẹni tó ra ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn ńkọ́? Ẹ̀wẹ̀, o wọn gàrí ni, o ò wọn èèyàn. Iye tí ẹnì kan ń jẹ, o ò mọ̀ ọ́n. Fi ‘kò léwu’ sílẹ̀ fún ẹni tó ṣèwádìí lára èèyàn.”

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ nínú ìtàn ìmọ̀ ìṣègùn wa. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Osuntokun ti Ìbàdàn so àìsàn kan tó ń ba iṣan ara jẹ́, tó ń mú ìrìn mẹ́hẹ, mọ́ sáyánáídì inú oúnjẹ ẹ̀gẹ́. Àwọn tó tún ọ̀rọ̀ náà wò ní Ososa, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, kò rí ẹ̀rí tó ti ìyẹn lẹ́yìn. Bí ọ̀rọ̀ bá lè le tó báyìí fún àwọn tó yẹ aláìsàn wò, ogójì ọ̀rá gàrí kò tó láti fi sọ pé ẹnikẹ́ni bọ́ nínú ewu.

Ó ku ìṣòro iṣẹ́ náà. “Àìtó owó àti àkókò” ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ, ohun tí gbogbo kíláàsì rẹ̀ kọ náà nìyẹn.

“Kò sí ẹni tí owó tó,” ni olùkọ́ wí. “Ta ló sọ iye ọjọ́ fún ọ?”

“Àwọn tó ń ta gàrí.”

“Ṣé àwọn ló yan án?”

“Ọ̀pọ̀ nínú wọn rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni, mà.”

“Ìṣòro iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Bí díẹ̀ nínú wọn bá ṣi ọjọ́ pè, kí ni yóò ṣe sí iye rẹ?”

“Ọlọ́jọ́ kan á wọ inú ọlọ́jọ́ mẹ́ta, tọ̀hún náà á wọ inú tibí. Ìyàtọ̀ wọn á dín kù.”

“O ṣeun. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kọ ọ́ pẹ̀lú pé o ò mọ ìgbà tí gàrí kọ̀ọ̀kan ti wà lórí àtẹ, torí sáyánáídì a máa dín kù bí gàrí bá ṣe ń pẹ́ nílẹ̀.”

Lẹ́yìn ìjókòó yẹn, ohun tó kọ sí ipò ti àkọ́kọ́ rèé:

“Gàrí tí wọ́n sọ pé ó lo ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò ní sáyánáídì tó kéré sí ti ọlọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó jọ pé kì í ṣe iye ọjọ́ nìkan ló fà á. Gàrí ọlọ́jọ́ mẹ́ta gbẹ ju èkejì lọ, mẹ́fà nínú gàrí ọlọ́jọ́ kan tó gbẹ bákan náà kò sì dé ààlà Codex. Èyí bá àbájáde Vasconcelos àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ mu, tí wọ́n rí i pé linamárìn ti fọ́ kí kíkan tó bẹ̀rẹ̀, ó sì tọ́ka sí yíyan. Mẹ́rin nínú ogún gàrí ọlọ́jọ́ mẹ́ta ṣì kọjá ààlà. Ẹnu àwọn tó ń tà ni a ti gbọ́ iye ọjọ́. Bí wọ́n bá ṣì í, ìyàtọ̀ gidi lè ju èyí tí a rí lọ. Ohun tó kù láti ṣe ni kí a pín ẹ̀gẹ́ oko kan náà, kí a yan án ní ìwọ̀n ìgbà kan náà, kí a wá yí iye ọjọ́ nìkan padà.”

Kò sí ìwọ̀n tuntun kankan nínú rẹ̀. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn ló rọ́pò “a nílò ìwádìí sí i”, ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ ọ̀hún lọ́dún tó ń bọ̀ ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní iṣẹ́ àṣekágbá lọ́wọ́, ẹ gbé orí karùn-ún yín sílẹ̀ kí ẹ tó gbé e lọ fún olùkọ́. Ẹ fa ìlà sí abẹ́ gbogbo gbólóhùn tó ti wà ní orí kẹrin. Ẹ wo “nítorí náà” kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ohun mìíràn kan tó lè fa àbájáde kan náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àwọn àtẹ tí ẹ kó sẹ́yìn iṣẹ́ yín, kí ẹ wò ó bóyá ìdáhùn ti wà níbẹ̀.